Iye Èémí àti Ohun Tí Ojú Rí: Àmì Ewu Òtútù Àyà Lára Ọmọdé, àti Ìgbà Tó Yẹ Kí Ọmọ Kúrò Nílé

Ohun méjì ni òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè fi ń dá òtútù àyà mọ̀ lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5: ago tó fi ń ka èémí, àti ojú ara rẹ̀. Ago ló sábà máa ń gbayì jù níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, torí pé iye ṣeé kọ sínú ìwé, ọ̀gá sì lè wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú orí ìwé yìí ni pé iṣẹ́ tí ago ń ṣe yàtọ̀ sí èyí tí ojú ń ṣe. Iye èémí ló ń sọ fún yín pé ọmọ kan nílò òògùn. Ohun tí ẹ bá fojú rí lára rẹ̀ ló ń sọ pé ọmọ náà kò gbọdọ̀ sun ilé mọ́jú. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ lè máa lé ọmọ tó yẹ kó lo òògùn nílé lọ sọ́nà jíjìn, kó sì tún máa dá ọmọ tí ẹ̀mí rẹ̀ ti ń bọ́ lọ dúró sílé nítorí pé iye èémí rẹ̀ ti wálẹ̀. Àṣìṣe kejì yìí ló ń pa ọmọ, òun ni mo sì máa pẹ́ lé lórí jù.

Ká tó sọ̀rọ̀ àmì, ó yẹ ká mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí kòkòrò bá wọ ibẹ̀, omi àti ọyún á kún inú àwọn àpò kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀. Ọ́síjìn tó ń dé inú ẹ̀jẹ̀ á dín kù. Ara ọmọ á kọ́kọ́ dáhùn nípa mímí kíákíá. Bí àìsàn náà bá tẹ̀ síwájú, ẹ̀dọ̀fóró á le, kò ní fẹ̀ mọ́ bó ti ń fẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọ á sì ní láti fi gbogbo agbára fa èémí wọlé. Egungun ìhà ọmọdé ṣì rọ̀, nítorí náà agbára tó fi ń fa èémí yìí á máa fa ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ wọnú. Lẹ́yìn èyí ni iṣan tó fi ń mí á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, ọpọlọ tí ọ́síjìn kò dé dáadáa á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé. Ikọ́ kò sọ èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí fún wa. Ọmọ tó ní ọ̀fìnkìn lásán lè wúkọ́ ní gbogbo òru, kí èyí tí òtútù àyà ti wọ̀ lára má sì fi bẹ́ẹ̀ wúkọ́. Ikọ́ àti àìlèmídáadáa ló ń mú kí ẹ ṣí aṣọ ọmọ wò. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wọn parí sí.

Iye tí a fi ń mọ èémí tó yá jù kò ti ọ̀run wá. Ní ìlú Goroka, lórílẹ̀-èdè Pápúà Niu Gíní, dókítà Frank Shann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbi tí òtútù àyà ti ń pa ọmọ púpọ̀, tí kò sì sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ya fọ́tò àyà gbogbo ọmọ tó ń wúkọ́. Wọ́n wá wo àmì tí ẹni tí kì í ṣe dókítà lè rí láìsí ẹ̀rọ. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1984, wọ́n fi hàn pé mímí kíákíá ló dára jù láti fi ya ọmọ tó yẹ kó gba òògùn apakòkòrò sọ́tọ̀, àti pé àyà tó ń wọnú ló ń tọ́ka sí ọmọ tó yẹ kó wọ ilé ìwòsàn. Àwọn míì ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn lẹ́yìn wọn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ ọ́ di ìlànà. Ẹ ṣàkíyèsí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni àmì méjèèjì ti ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àwa la wá ń lò wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Iye náà nìyí. Ọmọ tó ti pé oṣù 2 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé oṣù 12: bí èémí rẹ̀ bá tó 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, ó ti yá jù. Ọmọ tó ti pé oṣù 12 títí dé ìgbà tó máa pé ọdún 5: 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù 2 kò sí lábẹ́ òfin yìí rárá. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, ilé ìwòsàn ló ń lọ, ẹ má fi òògùn dán an wò nílé. Èémí tó bá tó 60 lára irú ọmọ yìí, ara tó gbóná, ara tó tutù ju bó ti yẹ lọ, tàbí ọmú tí kò mu dáadáa mọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti tó láti mú un jáde nílé lójú ẹsẹ̀.

Ibi tí kíkà ti sábà ń bàjẹ́ ni ọjọ́ orí àti ìkánjú. Èémí 46 kò yá jù fún ọmọ oṣù 11, ó sì yá jù fún ọmọ oṣù 13. Ìyá tó ní “ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún” kò tíì dáhùn ìbéèrè yín. Ẹ ní kó mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára wá. Ọjọ́ ìbí wà lórí rẹ̀. Ní ti ìkánjú, àwọn kan máa ń ka ìdajì ìṣẹ́jú, wọ́n á wá fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀. Èémí ọmọdé kì í lọ déédéé: á yára díẹ̀, á sinmi díẹ̀, á tún yára. Àṣìṣe èémí 3 nínú ìdajì ìṣẹ́jú á di 6 lórí ìwé, 6 yìí sì tó láti sọ ọmọ aláìsàn di aláàfíà. Ìṣẹ́jú kan gbáko ni kí ẹ kà. Kí ọmọ wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, kó má sunkún, kó má mu ọmú lọ́wọ́. Ẹ ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè kí ikùn àti àyà hàn, ẹ jókòó sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ yan ojú ibì kan lórí ikùn tàbí nísàlẹ̀ àyà, kí ẹ sì máa wo ibẹ̀ nìkan. Ìgbàkígbà tó bá wú sókè ni ẹyọ kan. Bó bá bú sẹ́kún nígbà tí ẹ ti ka 30, ẹ gbàgbé 30 yẹn, ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rẹ̀ ẹ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ tí èémí rẹ̀ yá jù, tí kò sì ní àmì ewu kankan, ilé ni yóò ti gba ìtọ́jú. Amọ́sísílìn hóró 250 mílígíráàmù tó ń yọ́ nínú omi ni: ọmọ oṣù 2 sí 11 á lo hóró 1 láàárọ̀ àti 1 nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 5, ọmọ ọdún 1 sí ọdún 5 á lo hóró 2 láàárọ̀ àti 2 nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 5. Ojú yín ni kí ó ti lo ti àkọ́kọ́. Bó bá bì í láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ tún un fún un. Ìtọ́jú ilé yìí kì í ṣe ìtọ́jú ẹni tí kò rówó lọ ọsibítù. Nígbà tí Sazawal àti Black kó ìwádìí oríṣiríṣi jọ ní 2003, wọ́n rí i pé níbi tí òṣìṣẹ́ agbègbè ti ń dá òtútù àyà mọ̀, tí wọ́n sì ń fún ọmọ ní òògùn, ikú tí òtútù àyà ń fà lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 dín kù ní nǹkan bí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi gbogbo ọmọ tó mí kíákíá ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ń sọ èrè yìí nù, ó sì ń sú àwọn ìyá. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá wá nílò láti lọ ní tòótọ́, wọn kò ní gbà á gbọ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá yà sí ohun tí ojú ń rí. Àyà tó ń wọnú ni àkọ́kọ́, òun ló sì nira jù láti kọ́, torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo ibi tí kò yẹ. Kì í ṣe àárín egungun ìhà ni kí ẹ wò, kì í sì í ṣe ihò tó wà lókè egungun ọrùn. Ìsàlẹ̀ àyà ni, níbi tí egungun ìhà parí sí tí ikùn ti bẹ̀rẹ̀. Lára ọmọ tí ara rẹ̀ dá, nígbà tó bá ń fa èémí sínú, àyà àti ikùn jọ ń wú síta ni. Lára ọmọ tó ní àmì yìí, bó ṣe ń fa èémí sínú ni ìsàlẹ̀ àyà ń rì wọnú, tí ikùn sì ń wú. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá ó ń fa èémí sínú tàbí ó ń mí jáde, ẹ wo ikùn: bó ti ń wú, sínú ló ń fà á. Ẹ tẹ́ ọmọ náà sílẹ̀ gbalaja lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, torí pé ọmọ tó bá ká ara kì í jẹ́ kí ibẹ̀ hàn, kí ẹ sì fi ojú yín sí ìpele kan náà pẹ̀lú àyà rẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́. Ó gbọ́dọ̀ máa rì nígbà gbogbo tó bá ń mí, nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀. Èyí tó bá wá nígbà tó ń sunkún tàbí tó ń mu ọmú, tó sì lọ nígbà tó sinmi, kò kà. Bí imú rẹ̀ bá dí, ẹ nu ún kí ẹ tó tún un wò.

Àwọn àmì ewu tó kù kò ní í ṣe pẹ̀lú àyà nìkan, ara àti ìṣesí ọmọ ni wọ́n ń sọ. Ọmọ tí kò lè mu ohunkóhun, tí kò sì lè mu ọmú. Ọmọ tó ń bì gbogbo ohun tó bá wọnú rẹ̀ jáde. Ọmọ tí gìrì ti mú nínú àìsàn yìí, bó ti wù kó ti dáwọ́ dúró pẹ́ tó. Ọmọ tó ń sùn lọ́nà tí kò bójú mu, tí kò ṣeé jí, tàbí tí ó lajú ṣùgbọ́n tí kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ má fi ìbéèrè nìkan mọ nǹkan wọ̀nyí. Bí ìyá bá sọ pé ọmọ kò mu ọmú, ẹ ní kó fi í sí ọmú lójú yín. Ọmọ kan lè kọ ọmú nítorí imú tó dí, kó sì mu ún nígbà tí wọ́n bá nu imú náà. Òmíràn á gbá ọmú mú, á fà á lẹ́ẹ̀mejì, á sì tú u sílẹ̀ láti lè mí. Èyí kò lè mu. Bí wọ́n bá sọ pé oorun lásán ni, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbé e dìde. Oorun ọmọ tí ara rẹ̀ yá á dá. Ẹ fi kún un pé ọmọ tí tẹ́ẹ̀pù ìwọn apá rẹ̀ bá bọ́ sí ojú pupa, ìyẹn tí kò tó mílímítà 115, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, kò ní agbára láti bá òtútù àyà jà. Òun náà ń lọ. Ikọ́ tó ti lo ọjọ́ 14 ń lọ pẹ̀lú, nítorí pé ó lè jẹ́ ohun mìíràn ló wà nídìí rẹ̀. Ìró họ̀ọ̀ nínú ọ̀fun nígbà tí ọmọ tí ara rẹ̀ balẹ̀ ń fa èémí, kíkérora ní gbogbo ìgbà tó ń mí jáde, àti ètè tàbí ahọ́n tó di aró, ẹ má jókòó máa rò wọ́n wò. Àmì kan ṣoṣo ti tó. Kò sí pé ẹ ń dúró kí ó di méjì.

Wàyí o, ibi tí kíkà ti ń tan èèyàn nìyí. Mo ti sọ pé iṣan tí ọmọ fi ń mí máa ń rẹ̀. Bó bá rẹ̀ ẹ́, iye èémí rẹ̀ á wálẹ̀. Ẹni tó ń gúnyán tó bá dín ọwọ́ kù, ó lè jẹ́ pé iyán ti kúnná, ó sì lè jẹ́ pé apá ló ti kú mọ́ ọn lára. Ẹni tó wà nínú yàrá tó ń gbọ́ ìró odó nìkan kò lè mọ èyí tó jẹ́. Èémí tó wálẹ̀ lára ọmọ tó ń ṣeré, tó ń mu ọmú, tó sì ń wo ojú ìyá rẹ̀, ìwòsàn ni. Èémí tó wálẹ̀ lára ọmọ tó ti rọ, ewu tó ga jù lọ nínú gbogbo ohun tí a ti ń sọ ni. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ máa wo ọmọ kí ẹ tó gbé ago jáde. Bí iye bá ti kọ́kọ́ wọ orí yín, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó máa bá a mu.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ oṣù 14 kan ṣe àpẹẹrẹ, ní abúlé oko tí ọ̀kadà máa ń lo nǹkan bí wákàtí kan kó tó dé Ìsẹ́yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá rẹ̀ ní ó ti ń wúkọ́ fún ọjọ́ 3, ara rẹ̀ sì gbóná. Ó ń ṣeré, ó mu ọmú lójú yín, àyà rẹ̀ kò wọnú, tẹ́ẹ̀pù bọ́ sí ojú ewéko, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé kò ní ibà. Èémí rẹ̀ jẹ́ 46. Ó ti lé ní oṣù 12, nítorí náà 46 yá jù. Òògùn ni, nílé: hóró 20, méjì-méjì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó padà wá ní ọjọ́ kẹta. Ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí kò bá lè mu ọmú mọ́, bí àyà bá ń wọnú, tàbí bó bá ń sùn ju bó ti yẹ lọ, kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ kẹta.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ìyá náà gbé e dé, inú rẹ̀ sì dùn: “Ó ti ń sàn o, kò mí gùlégùlé mọ́. Láti àná ló ti ń sùn wọ́ọ́rọ́wọ́.” Ẹ kà á, ó jẹ́ 38. Lórí ìwé, ọmọ ti bọ́. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wà ní èjìká ìyá rẹ̀, ẹ mi ìdìpọ̀ kọ́kọ́rọ́ lójú rẹ̀, kò wò ó. Wọ́n fi í sí ọmú, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó jù ú sílẹ̀. Ẹ ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ìsàlẹ̀ àyà ń rì. Ẹ ka hóró tó kù: 12 ni. Ó yẹ kó ku 10 ká ní ó ti lo ti àárọ̀ yìí. Ìyá rẹ̀ ní kò lè gbé e mì. Hóró tó kù yìí sọ nǹkan méjì. Ó ti lo òògùn náà bó ti yẹ fún ọjọ́ 2 gbáko, nítorí náà kì í ṣe pé wọn kò fún un. Ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í burú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ yìí ní àmì 3, nínú èyí tí ọ̀kan ìbá ti tó. Ó ń lọ. Ẹ má fi òògùn tàbí omi sí i lẹ́nu mọ́, torí ohun tí kò bá lè gbé mì lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Àwọn tó mọṣẹ́ lè takò mí báyìí: láti 2014 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti yí ìlànà rẹ̀ padà, tó ní ọmọ tí àyà rẹ̀ ń wọnú láìsí àmì ewu mìíràn lè lo amọ́sísílìn ẹlẹ́nu, kó sì padà sílé. Ní agbègbè Haripur lórílẹ̀-èdè Pakistan, ìwádìí tó jáde ní 2011 lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera abúlé tọ́jú irú ọmọ yìí nílé fún ọjọ́ 5; ìtọ́jú kò ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí 9 nínú 100, nígbà tó jẹ́ nǹkan bí 18 nínú 100 láàárín àwọn tí wọ́n fún ní òògùn ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Kí ló wá dé tí a ṣì ń ran irú ọmọ yìí lọ? Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Ìdáhùn mi ni pé ìlànà 2014 náà fi ìtọ́jú yìí sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ilé ìlera, ẹni tó lè fi ẹ̀rọ sí ìka ọmọ kó sì mọ iye ọ́síjìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá wà lábẹ́ 90 nínú 100, ọ́síjìn ló nílò, kò sì sí hóró òògùn tó lè rọ́pò rẹ̀. Ìwádìí tí àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Melbourne ṣe ní ilé ìwòsàn 12 ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà fi hàn bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó: ewu ikú ọmọ tí ọ́síjìn rẹ̀ lọ sílẹ̀ ga ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Àwọn ti Haripur náà kò tọ́jú ọmọ tó ní àmì ewu mìíràn nílé, wọ́n sì ń padà lọ wo àwọn tí wọ́n tọ́jú lemọ́lemọ́. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìwádìí wọn ni pé fífi ọmọ ránṣẹ́ ní ọwọ́ òfìfo kò ṣe é rárá, àti pé òògùn àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì.

Àtakò kejì ti inú ilé wá. “Ibà ni.” “Eyín ló ń hù.” Ibà máa ń mú kí èémí yára lóòótọ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì lè fi ibà hàn. Ṣùgbọ́n ibà kì í lé òtútù àyà jáde. Ọmọ kan lè ní méjèèjì. Bí àyẹ̀wò bá fi ibà hàn, tí èémí sì yá jù, òògùn méjèèjì ló máa lo. Ní ti eyín, kò sí eyín tó ń fa àyà ọmọ wọnú. Ẹ kò ní láti bá ìyá àgbà jà lórí eyín. Ẹ fi ìka tọ́ ibi tó ń rì hàn án, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ohun kan ló yẹ kí ẹ dúró le lórí: kí wọ́n má da àdín tàbí àgbo sẹ́nu ọmọ tí gìrì ń mú tàbí tí kò lajú. Ìdí kan náà tí ẹ̀yin kò fi fún un ní hóró ni.

Àtakò tó le jù ni pé àwọn òbí kì í lọ. Owó ọ̀kadà kò sí, bàbá ọmọ wà lóko, ìyá kò sì mọ ẹni tó máa tọ́jú àwọn tó kù. Àwọn òṣìṣẹ́ kan á ní, kí la wá ń fi wọ́n ránṣẹ́ fún? Mo gbà pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í lọ, ṣùgbọ́n mo rò pé apá kan ẹ̀bi náà wà nínú bí a ṣe ń sọ ọ́. “Ẹ gbé e lọ ọsibítù” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó tó gbọ́. Ẹ sọ àmì tí ẹ rí, ẹ sọ pé òògùn tó wà lọ́wọ́ yín kò lè ṣe é, ẹ sọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún un níbẹ̀ tí ẹ̀yin kò ní. Ẹ béèrè ohun tó lè dí wọn lọ́wọ́, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Bí bàbá bá wà lóko, fóònù wà. Bí owó kò bá sí, ẹni tó ń gba owó àjọ ládùúgbò wà. Kí àìsàn tó dé ló yẹ kí ẹ ti mọ ilé ìwòsàn tó ní ọ́síjìn àti nọ́ọ̀sì lóru. Fífi ọmọ ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n tún máa ti fi í ránṣẹ́ sí ibòmíràn ń jẹ wákàtí tí ọmọ náà kò ní.

Kí wọ́n tó kúrò níwájú yín, ọmọ tó bá lè mu nǹkan á lo amọ́sísílìn tirẹ̀ ti àkọ́kọ́, á sì máa mu ọmú lójú ọ̀nà. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, tó sì ní gìrì, oorun tí kò dá tàbí àìlèmu, ẹ fi òògùn ibà ti ojú ìdí sí i bí wọ́n bá ti kọ́ yín tí ẹ sì ní in. Ẹ má pọ̀n ọ́n kí aṣọ bo imú rẹ̀ lórí ọ̀kadà; iwájú ni kí ìyá gbé e sí, kí orí rẹ̀ ga díẹ̀, kí ojú rẹ̀ ṣí síta. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà: ọjọ́ orí, aago tí ẹ rí i, iye èémí, àmì tí ẹ fojú rí, òògùn tó ti lò àti aago tó lò ó. Fún ọmọ oṣù 14 wa, ẹ má kọ “èémí 38” sílẹ̀ láìkọ 46 ti ọjọ́ Ajé sí i, torí pé nọ́ọ̀sì tó bá rí 38 nìkan lè ní kí wọ́n jókòó sẹ́yìn èrò. Kí “kò lè mu ọmú, kò ṣeé jí dáadáa, àyà ń wọnú” wà ní ìlà àkọ́kọ́. Ẹ pe ilé ìwòsàn náà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà.

Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò lè lọ lónìí, ẹ má bínú fi wọ́n sílẹ̀. Bí ọmọ bá lè gbé nǹkan mì, ẹ bẹ̀rẹ̀ amọ́sísílìn ọjọ́ 5, ẹ fi àmì tó ń burú sí i han ìyá àti ẹnì kan sí i nínú ilé, kí ẹ padà lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà àti ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dé, ẹ tún béèrè nípa lílọ. Bàbá tó wà lóko láàárọ̀ lè ti délé nírọ̀lẹ́, owó tí kò sí lánàá sì lè ti wà.